Ihò mẹ́ta fún sùkúrù kan: bí pákó apá kò ṣe ní là

Láti Kàbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ǹṣì tí yóò pẹ́ nílé, apá tàbí ìrókò ni yóò bèèrè. Igi méjèèjì yìí dára, ikán kì í tètè dé ìdí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìwàǹwára. Bí o bá ki sùkúrù bọ apá láìlu ihò, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ni yóò ṣẹlẹ̀: kí pákó là, kí sùkúrù kán sínú rẹ̀, tàbí kí ojú rẹ̀ jẹ débi pé kò ní wọlé mọ́, kò sì ní jáde.

Ọ̀pọ̀ káfíńtà ló mọ èyí, wọ́n sì máa ń lu ihò. Síbẹ̀ pákó wọn ṣì ń là. Ohun tó ń fà á ni pé ihò kan ṣoṣo ni wọ́n lù, bẹ́ẹ̀ ihò mẹ́ta ni sùkúrù kan nílò nínú igi líle. Ìkíní ni ihò tóóró tó ń tọ́ sùkúrù sọ́nà, níbi tí eyín rẹ̀ yóò ti jẹ igi. Ìkejì ni ihò tó fẹ̀ díẹ̀ nínú pákó òkè, kí ọrùn sùkúrù lè gba ibẹ̀ kọjá láìjẹ igi. Ìkẹta ni kòtò tí orí rẹ̀ yóò jókòó sí. Mo máa pè wọ́n ní ihò atọ́nà, ihò ọrùn àti kòtò orí.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igi. Bí àáké ṣe ń la igi ìdáná ni sùkúrù ṣe ń ṣe: ó ń wọlé, ó sì ń ti iṣan igi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Arère rọ̀, iṣan rẹ̀ á fún ara wọn pọ̀, wọ́n á sì fàyè sílẹ̀. Iṣan apá ti kún dí, kò sí ibi tí yóò fún ara rẹ̀ sí, nítorí náà ó máa ya ní títẹ̀lé ìlà igi. Bí ibi tí o ń kàn bá súnmọ́ ẹnu pákó, kò sí igi tó pọ̀ níwájú tí yóò di ìlà náà mú, yóò sì yà dé ìta. Orí sùkúrù pàápàá rí bí àrọ, ó tóóró nísàlẹ̀, ó fẹ̀ lókè. Nígbà tí o bá ń yí i ní yíyí méjì tó kẹ́yìn kí orí náà lè rì, ibẹ̀ ni agbára tó ń ti igi yà ti pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó lu ihò atọ́nà dáadáa fi máa ń gbọ́ “káà!” nígbà tó rò pé iṣẹ́ ti parí.

Sùkúrù àti bíìtì

Mú sùkúrù tó o fẹ́ lò dání kí o tó mú bíìtì. Fún pákó tó nípọn tó mìlímítà 22, ìyẹn pákó ínǹṣì kan tí wọ́n ti fá, sùkúrù nọ́ńbà 8 tó gùn ní mìlímítà 50 dára. Eyín rẹ̀ fẹ̀ tó bíi mìlímítà 4, orí rẹ̀ tó bíi 8, ọ̀pá tó wà láàárín eyín rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ tó 3.

Yẹra fún sùkúrù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ píópì fi ń kan àjà. Òun ló wà káàkiri, ó sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi iná mú un le débi pé kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń kán. Nínú apá, ó lè kán ní ọrùn nígbà tí orí rẹ̀ ṣì ku díẹ̀ kó rì. Sùkúrù igi gan-an ni kí o rà, èyí tí ọrùn rẹ̀ dán láìní eyín níbi tó súnmọ́ orí.

Ọ̀nà tí mo fi ń yan bíìtì kò nílò ìwé. Gbé bíìtì sí iwájú sùkúrù, kí o sì gbé méjèèjì sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bíìtì yẹn gbọ́dọ̀ bo ọ̀pá àárín mọ́lẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n kí o máa rí eyín sùkúrù tó yọ lọ́tùn-ún àti lósì. Bí o kò bá rí eyín rárá, bíìtì náà ti tóbi jù, sùkúrù kò ní dì mú. Bí apá kan ọ̀pá bá ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti kéré jù fún igi líle. Fún nọ́ńbà 8 nínú apá, bíìtì mìlímítà 3 ló sábà máa ń bọ́ sí i. Bí igi náà bá gbẹ gan-an tó sì le bí irin, lo 3.2, èyí tí àwọn kan mọ̀ sí ìdá mẹ́jọ ínǹṣì. Nínú arère, 2 ti tó.

Ṣọ́ra lọ́jà o. Bí o bá kàn sọ fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù pé kó fún ọ ní bíìtì mìlímítà 3, ó lè fún ọ ní èyí tí wọ́n fi ń lu ògiri. Wo ẹnu rẹ̀: ti ògiri ní irin kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì fẹ̀ ju ara bíìtì lọ. Kì í gé igi, ṣe ló ń họ ọ́, yóò sì sun ún dúdú. Bíìtì irin, èyí tó mú ní ẹnu tó sì lọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ni kí o gbà. Òun gan-an ló dára fún igi líle bí ihò bá kéré báyìí.

Fún kòtò orí, bíìtì ẹlẹ́nu gbẹrẹgẹdẹ tí wọ́n ń pè ní kántásíǹkì ló yẹ. Igun orí sùkúrù tí wọ́n fi mìlímítà wọ̀n sábà máa ń jẹ́ 90°, kántásíǹkì tó jẹ́ 90° ni kí o sì fi bá a mu. Bí o kò bá rí i, bíìtì irin mìlímítà 10 lè ṣe é, ṣùgbọ́n fi ọwọ́ yí i, má fi iná yí i. Igun ẹnu rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 118° tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó fẹ̀ ju ti orí sùkúrù lọ, ìsàlẹ̀ orí níbi tó súnmọ́ ọrùn nìkan ni yóò sì fara kan igi. Bí dírílì bá ń yí i, ó lè gbá igi mú lójijì kó sì rì sínú rẹ̀ kí o tó mọ̀.

Bẹ́ǹṣì kan tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Jẹ́ ká sọ pé pákó ìjókòó apá ni ó wà níwájú wa. Ó gùn ní mítà kan àbọ̀, ó fẹ̀ ní mìlímítà 225, ó nípọn ní 22. Abẹ́ ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní igi ìdábùú apá kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 75, tó sì ga ní 45, tí ẹ̀gbẹ́ ìta rẹ̀ bá ẹnu pákó dọ́gba. Sùkúrù mẹ́ta ni yóò wọ inú igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan láti òkè.

Ṣírò gígùn kọ́kọ́. Sùkúrù 50, pákó òkè 22, ohun tó kù láti wọ igi ìdábùú jẹ́ 28. Igi yẹn ga ní 45, nítorí náà ẹnu sùkúrù kò ní yọ nísàlẹ̀ láti gún ẹni tó bá gbé bẹ́ǹṣì. Mìlímítà 28 nínú apá pọ̀ tó láti dì í mú.

Lẹ́yìn náà, fàmì sí ibi tí ihò yóò wà. Bí o bá fi gbogbo sùkúrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìlà kan ṣoṣo, kò sí wàhálà fún pákó òkè, nítorí ìlà yẹn dábùú iṣan rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ìdábùú ńkọ́? Iṣan tirẹ̀ ń lọ ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ìlà rẹ. Sùkúrù mẹ́ta ló ń ti iṣan kan náà yà, ìsàlẹ̀ bẹ́ǹṣì ni yóò sì ti là, níbi tí o kò wò. Nítorí náà jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ fún ara wọn. Fi èyí tó wà láàárín sí mìlímítà 30 láti ẹnu pákó, fi méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí 45. Láti ẹ̀gbẹ́ pákó, fún àwọn méjì yìí ní 35.

Kí ló dé tí a kò fi fi wọ́n sí mìlímítà 12 láti ẹnu, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kó lè “dúró gírígírí”? Nítorí ibẹ̀ ni pákó ti máa ń là jù. Bí o bá lu gbogbo ihò bó ṣe yẹ, má jẹ́ kí ó dín sí ìlọ́po márùn-ún fífẹ̀ sùkúrù, ìyẹn 20 fún tiwa. Ìlọ́po mẹ́wàá, 40, ló fi ọkàn ẹni balẹ̀ jù. Kí o tó fàmì, wo ẹnu pákó náà dáadáa. Ẹnu tí oòrùn ti pa lẹ́yìn ìsọ̀ pákó máa ń ní ìlà tóóró níbi tó ti là, tí ojú kì í tètè rí. Ta omi díẹ̀ sí i, kí o nù ún: ibi tó là yóò mu omi, yóò sì ṣókùnkùn pẹ́ ju ibi yòókù lọ. Gé ibẹ̀ kúrò kí o tó wọn ohunkóhun, torí kò sí ihò tó lè gba pákó tó ti là tẹ́lẹ̀.

Ihò atọ́nà

Fi kíláàmpù di pákó àti igi ìdábùú mọ́ra. Lẹ téèpù mọ́ bíìtì mìlímítà 3 ní mìlímítà 52 sí ẹnu rẹ̀, kí o lè mọ ìgbà tó yẹ kí o dúró. Méjì tó lé yẹn jẹ́ àyè fún èérún igi tí sùkúrù yóò tì síwájú. Fi ìṣó ẹlẹ́nu ṣómúṣómú tẹ ojú àmì díẹ̀, torí bíìtì tóóró fẹ́ràn láti yọ̀ lórí apá kó sì rìn lọ síbòmíràn.

Mú dírílì dúró gbọnrangandan, jẹ́ kí ó yára yí, ṣùgbọ́n má tì í tipátipá. Lẹ́yìn bíi mìlímítà 10, fà á jáde nígbà tó ṣì ń yí, kí èérún lè dà nù, kí o tún wọlé padà. Bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èérún yóò dí ojú ọ̀nà bíìtì, ooru yóò mú un, yóò sì kán sínú igi. Yíyọ bíìtì tó kán nínú apá le ju kí o lu ihò mìíràn lọ.

Jẹ́ kí imú rẹ ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí bíìtì bá mú, èérún tó ń jáde máa ń rí bí ìṣẹ́pẹ́ kéékèèké. Bí ó bá ti kú, ìyẹ̀fun lásán ni yóò máa jáde, o ó sì máa gbóòórùn jíjóná, ẹnu ihò á dúdú. Dúró, pààrọ̀ bíìtì. Bí ìrókò ni o ń lu, tí bíìtì tuntun bá kú lójijì, má tètè bú ọlọ́jà: ìrókò mìíràn ní òkúta funfun kéékèèké nínú iṣan rẹ̀, ó sì ń pa ojú irin. Sún àmì rẹ kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Fi aṣọ bo imú pẹ̀lú, ìyẹ̀fun ìrókò máa ń ta àwọn ẹlòmíràn ní imú àti ní ara.

Ẹni tí iná kò dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ lè lo dírílì ọlọ́wọ́. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ihò mẹ́fà kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, bíìtì kì í sì í gbóná bẹ́ẹ̀.

Ihò ọrùn

Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Mú bíìtì mìlímítà 4.5, fi téèpù sí i ní 22, kí o sì gba inú ihò atọ́nà tó ti wà nílẹ̀ lu pákó òkè nìkan. Kó má wọ igi ìdábùú. Nísinsìnyí sùkúrù yóò gba inú pákó òkè kọjá láìjẹ ẹ́, eyín rẹ̀ yóò jẹ igi ìsàlẹ̀ nìkan, orí rẹ̀ yóò sì fa pákó méjèèjì mọ́ra.

Bí kò bá sí ihò yìí, eyín yóò jẹ igi méjèèjì pọ̀. Bí àlàfo kékeré bá wà láàárín wọn lásìkò yẹn, kò sí bí o ṣe lè yí i tó, àlàfo náà kò ní pa dé. Ẹlòmíràn á rò pé agbára òun ni kò tó, á tún fún dírílì ní agbára sí i, pákó á sì là.

Fún sùkúrù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lo bíìtì 5 dípò 4.5. Pákó tó fẹ̀ ní 225 yóò súnkì díẹ̀ nígbà ọyẹ́, yóò sì fẹ̀ padà nígbà òjò. Sùkúrù àárín yóò mú un dúró síbi kan, àwọn ẹ̀gbẹ́ yóò sì fún un láyè láti yí kúrò díẹ̀. Apá kì í rìn púpọ̀ bó bá gbẹ, ṣùgbọ́n pákó tó dé láti ìsọ̀ lóṣù tó kọjá kì í sábà gbẹ tó bí ọlọ́jà ṣe ń sọ. Orí sùkúrù 8 ṣì bo ihò 5 dáadáa.

Tú kíláàmpù, gbé pákó sókè, kí o sì fẹ́ èérún tó wà láàárín méjèèjì kúrò. Èérún kékeré kan láàárín wọn ti tó láti mú kí bẹ́ǹṣì máa dún “gbẹ̀ẹ́rẹ̀” lábẹ́ ẹni tó jókòó.

Kòtò orí

Dá kántásíǹkì dúró lórí ihò, kí o sì jẹ́ kí dírílì yí díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìtẹ̀ tó ṣe déédéé. Bí ó bá ń yára, yóò máa jó nínú ihò, kòtò náà yóò sì ní igun bí ìgbà tí eku jẹ ẹ́. Gbẹ́ díẹ̀, dúró, wò ó.

Ọ̀nà wíwò rẹ̀ rọrùn: dorí sùkúrù kodò, kí o ti orí rẹ̀ bọ inú kòtò. Bí ẹ̀gbẹ́ orí náà bá ti bá ojú pákó dọ́gba, ó ti tó. Fún ìjókòó, jẹ́ kí ó rì tó ìdajì mìlímítà sí i, kí aṣọ ẹnikẹ́ni má baà há sí i. Ṣe èyí lórí àjákù pákó kan náà lákọ̀ọ́kọ́, títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ bí ó ṣe jìn tó. Kòtò tó jìn jù ń dín igi tó wà lábẹ́ orí kù, a kì í sì í rí i dá padà.

Àwọn oníbàárà kan kò fẹ́ rí irin rárá. Fún wọn, lu ihò mìlímítà 10 tó jìn ní 8 kí o tó lu àwọn yòókù, kí sùkúrù jókòó sínú rẹ̀, kí o sì fi gọ́ọ̀mù lẹ èdìdì igi apá lé e lórí, kí iṣan rẹ̀ bá ti pákó mu. Nínú pákó 22, igi 14 ṣì wà lábẹ́ orí, ó tó. Sùkúrù 40 ni kí o lò nígbà náà, torí 50 yóò wọlé jìn ju bó ṣe yẹ lọ.

Yíyí sùkúrù wọlé

Fi eyín sùkúrù ra àbẹ́là. Ọṣẹ náà ń yọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi mọ́ra, sùkúrù á sì dípẹtà. Òróró máa ń rin igi, kò sì jẹ́ kí fáníìṣì mú.

Dírílì lè bá ọ yí i dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, lórí agbára tó kéré. Fi sukuduráfà parí rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ojú sùkúrù mu gẹ́lẹ́. Ọwọ́ máa ń mọ̀ ìgbà tí orí bá ti jókòó, dírílì kì í mọ̀. Ibi tó bá ti le lójijì tí orí sì ti bá ojú pákó dọ́gba, dúró níbẹ̀. Kò sí ìdí fún ìdá yíyí mìíràn.

Bí ó bá le nígbà tí kò tíì dé ìdajì, má tì í. Yí i padà jáde, ra àbẹ́là sí i, kí o fi bíìtì 3.2 la ihò atọ́nà fẹ̀. Bí sùkúrù idẹ ni oníbàárà fẹ́, fi sùkúrù irin tó ní ìwọ̀n kan náà gé ojú eyín lákọ̀ọ́kọ́, yọ ọ́, kí o tó fi idẹ wọlé. Idẹ rọ̀, ó máa ń kán nínú igi tí nǹkan kan kò tíì là lọ́nà.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ìlà tóóró tó yọ nídìí orí kì í ṣe ohun tí o máa fi fáníìṣì bò. Yọ sùkúrù náà, kí ìlà lè pa dé díẹ̀. Fi abẹ tàbí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ti gọ́ọ̀mù igi bọ inú rẹ̀, fi kíláàmpù fún un láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí o fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, la ihò ọrùn fẹ̀ sí 5, tún kòtò orí gbẹ́ díẹ̀, kí o tó dá sùkúrù padà. Bí ìlà náà bá ti gba inú ihò dé ẹnu pákó, gé ibẹ̀ kúrò tàbí pààrọ̀ pákó; gọ́ọ̀mù nìkan kò ní gbé ẹni tó jókòó.

Bí sùkúrù bá ń yí lásán láìdì mú, ihò atọ́nà ló tóbi jù. Gbẹ́ èèkàn apá tóóró kan, ra gọ́ọ̀mù sí i, gbá a wọlé, gé e dọ́gba, kí o sì lu ihò tuntun sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Igi ìṣáná kíki bọ inú ihò kì í pẹ́.

Pákó tó dára lọ́jọ́ tí o kàn án, tó wá là nígbà ọyẹ́ àkọ́kọ́, ti ní ihò ọrùn tó há jù tàbí kòtò orí tí kò tó, tí igi gbígbẹ sì parí ohun tí orí sùkúrù ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá padà lọ wo bẹ́ǹṣì náà ní oṣù Kejìlá tàbí Ṣẹ́rẹ́, wo ìdí orí sùkúrù ẹ̀gbẹ́ kí o tó wo àárín, kí o sì yí wọn padà ní ìdá mẹ́rin yíyí bí ìlà bá ti ń hàn.